Ọ̀rọ̀ Alága fún Àwọn Onípìn-ín: Ìdí Tí A Kò Fi Ní Pín Èrè Ọdún 2024

Ẹ̀yin onípìn-ín ilé-iṣẹ́ yìnyín wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá wa láti ọjà Olúwo, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, mo kí gbogbo yín kú ìjókòó. Àwọn tó gba ọ̀nà Ìtòíkìn wá sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ kú wàhálà ọ̀nà.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìgbìmọ̀ olùdarí kò dábàá pé kí a pín èrè kankan lórí ìpín fún ọdún tó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2024. Láti ìgbà tí a ti ń pín èrè, irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí, mo sì mọ ohun tí owó náà ń ṣe nínú ilé yín. Owó ilé-ìwé ni fún ẹlòmíràn, owó àwọ̀n tuntun ni fún ẹlòmíràn, àwọn kan sì ti fọkàn sí i pé òun ni àwọn yóò fi ra àgbò Iléyá.

Ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ yín ni pé, nígbà tí ìwé ìṣirò tí akọ̀wé fi ránṣẹ́ sọ pé a jèrè, níbo ni èrè náà wá wọlé sí? Òótọ́ ni pé a jèrè mílíọ̀nù náírà 22.4 lẹ́yìn tí a san owó orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mílíọ̀nù 41 ni ti ọdún 2023. Ṣùgbọ́n èrè inú ìwé yàtọ̀ sí owó inú àpò, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja láwìn sì mọ èyí jù mí lọ. Ọjọ́ tí a bá ta yìnyín ni ìwé yóò ti kọ ọ́ pé a tà á, bí ẹni tó rà á kò tilẹ̀ tíì san kọ́bọ̀. Mílíọ̀nù 13.6 ló wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wa nígbà tí ọdún parí, díẹ̀ lára wọn sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí (n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, kálukú mọ ara rẹ̀). Owó tó wà ní báńkì lọ́jọ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 9.8. Bí a bá fẹ́ san náírà kan àti ogún kọ́bọ̀ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí a ti san án lọ́dún tó kọjá, mílíọ̀nù 14.4 ni a nílò lórí mílíọ̀nù ìpín 12. Owó náà kò sí nílẹ̀.

Ohun méjì ló mú wa dé ibi tí a wà yìí. Èkíní ni iná. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní ìpele A di ₦225 fún wákàtí kílówáàtì kan, ìpele náà ni a sì wà. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni, yàrá yìnyín kò sì lè dúró de ẹnikẹ́ni. Mílíọ̀nù 71 ni a ná sórí iná àti dísẹ̀lì ní ọdún 2023. Ní ọdún 2024, ó di mílíọ̀nù 129.

Èkejì ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀rọ yìnyín àkọ́kọ́, tó bà jẹ́ ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, omi ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ńlá jáde títí dé ẹ̀bá títì, àwọn obìnrin sì ń fi iná tọ́ọ̀ṣì ṣa òbòkún sínú abọ́ kí wọ́n lè gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja kó tó bàjẹ́. A san mílíọ̀nù 2.3 fún àwọn tí ẹja wọn ṣòfò, nítorí pé lọ́wọ́ wa ló ti ṣòfò. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi àlòkù tí a tún ṣe ti ọjọ́ ṣájú. Tuntun rẹ̀ jẹ́ dọ́là 21,000. Kí wọ́n tó tú iye owó náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460, kò lè gbà tó mílíọ̀nù 10. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí dọ́là ti kọjá ₦1,500, ó lé ní mílíọ̀nù 31. Bí a bá pín owó fún ara wa tí a fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, a jẹ́ pé a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ a ń pa làpálàpá.

Ọ̀ràn kan wà tí ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ ti ìgbìmọ̀, èmi fúnra mi sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2023 a yá mílíọ̀nù 60 láti fi ra ẹ̀rọ yìnyín kejì, a sì fọwọ́ sí ìwé pé èlé rẹ̀ lè máa gòkè bí ti Báńkì Àpapọ̀ bá ti ń gòkè. Ó yẹ kí a ti jà fún èlé tí kò ní yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òṣùwọ̀n èlé Báńkì Àpapọ̀ wà ní ìdá 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gbé e sókè kí ọdún tó parí, ó sì di 27.50. Èlé tiwa gun ìdá 33. Gbèsè náà ṣì ku mílíọ̀nù 54. Nítorí àṣìṣe yìí, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ti gbà kí owó ìjókòó àwọn di ìdajì títí di òpin ọdún 2025.

Àwọn kan ti sọ pé kí a kúkú yáwó pín. Mílíọ̀nù 14.4 ní èlé 33 yóò bí gbèsè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 láàárín ọdún kan, láti inú èrè yín ọdún tó ń bọ̀ ni a ó sì ti san án. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, tí a mọ̀ sí Káàmà, pàápàá kò gbà kí a pín èrè bí ìdí bá wà láti gbà pé ilé-iṣẹ́ kò ní lè san gbèsè rẹ̀ nígbà tó bá tó àkókò. Òfin kan náà ló sọ pé ìpàdé yìí lè dín iye tí ìgbìmọ̀ bá dábàá kù, ṣùgbọ́n kò lè fi kún un. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà ro pé ìbò lè yí i padà lónìí.

Mo tún gbọ́ pé àwọn olùdarí ti fi owó yín ra ọkọ̀ akẹ́rù tuntun. Ọkọ̀ ọdún 2022 náà ni. Ọ̀dà ló gbà ní oṣù Kejì, ₦180,000 ni a sì san. Ẹni tó bá fẹ́ rí rìsíìtì rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Owó tí a ó rí ní ọdún yìí, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà gbèsè báńkì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, oníbàárà tó bá jẹ wá kọjá ọjọ́ 30 kò ní gba yìnyín láwìn mọ́, bó ti wù kó jẹ́ onípìn-ín tó. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ yóò tún wo ìwé owó bóyá èrè àárín ọdún yóò lè wà. N kò ṣèlérí rẹ̀. Èrè àtẹ̀yìnwá tí ẹlòmíràn kò tíì gbà kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí; owó yín ni, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé, wọn yóò san án.

Ìpín 85,000 ni mo ní nínú ilé-iṣẹ́ yìí, nítorí náà ₦102,000 kò ní wọ ilé tèmi náà lọ́dún yìí, ọkọ mi sì ti béèrè lọ́wọ́ mi gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti béèrè.

Mo fi ìwé ìṣirò ọdún 2024 síwájú ìpàdé fún ìtẹ́wọ́gbà. Ayẹ̀wé-owó-wò wa wà níhìn-ín láti dáhùn ohun tó bá kan iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó jókòó sẹ́yìn, nítorí pé lọ́dún tó kọjá, àkókò tán kí ó tó kàn wọ́n.