Ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú Àdùkẹ́ mi: 21 Oṣù Bélú 2015 sí 21 Oṣù Bélú 2025

Àdùkẹ́ mi, Ìyá Ìbejì, ọdún mẹ́wàá pé lónìí. Mo kí ọ kú oríire, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka èyí mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ lé lórí gan-an.

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ẹ wo aṣọ tó wà lára wa nínú àwòrán yìí dáadáa. Ọwọ́ Àdùkẹ́ ló ti jáde. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkèèrè tó kún ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta báyìí. Yáàdì mẹ́wàá tẹ́rù funfun ló gé, márùn-ún fún bùbá àti ṣòkòtò mi, márùn-ún fún ìró àti bùbá tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì tí ilé iṣẹ́ fi sí i lè jáde, torí aró kì í wọ aṣọ tí sítáàṣì bá wà lára rẹ̀. Ó wá ro láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ó sẹ́ ẹ, ó sì fi ìyẹ́ adìẹ ya bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn sí i, pẹ̀lú àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Bó bá ṣàn jù, á tàn ká, ìlà á sì bàjẹ́. Bó bá ki jù, á sán nígbà tó bá gbẹ, aró á sì gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ gbẹ nínú oòrùn, ó rì í sínú aró, ó gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i títí àwọ̀ ewé fi di àwọ̀ aró, ó tún rì í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é léraléra kó tó dúdú tó báyìí. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè fi ìkánjú ṣe é.

Bó ṣe ń ṣe aṣọ ló ń ṣe ilé. Ohun tó mú wa dé ibí ni pé a kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ owó.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ á jáde. Òun ló ń kà á, èmi ló ń kọ ọ́. Ohun tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, ohun tó jáde, gbèsè tí a jẹ, ẹni tó jẹ wá, ohun tó ń bọ̀ lọ́nà. Kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Owó oṣù mi láti ibi iṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn wà fún àwọn ohun tó ní ọjọ́: owó ilé, owó ilé ìwé, tókìnnì iná, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n ń yọ tiwọn kí owó tó dé ọwọ́ mi. Owó tirẹ̀ kì í ní ọjọ́, torí náà òun ló wà fún ọbẹ̀, gáàsì, àti ohun kéékèèké tí ọmọ máa ń béèrè láàárọ̀.

Àmọ́ òfin kan wà tí òun gan-an fi lélẹ̀, tí mo sì ń dúpẹ́ fún ju gbogbo rẹ̀ lọ: owó ọjà kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò ọbẹ̀. Bó bá ta aṣọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà á padà sí tẹ́rù, aró àti láfún. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan wọ àjọ. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ tó kù ló wá sílé. Mo ti rí ilé púpọ̀ tí òwò ìyàwó kú nítorí pé owó ilé ìwé sáà kan ló mú gbogbo owó ọjà lọ. Sáà tó tẹ̀lé e, ọjà kò sí nílẹ̀ mọ́, owó ilé ìwé sì tún pé. Ìdí nìyí tí a fi ń pín owó ilé ìwé sí ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tí sáà bá ti wọlé, kí ó má bàa dé bá wa bí àlejò òru. Bó bá sì fẹ́ẹ́ kù díẹ̀, owó oṣù mi ló ń dí i, kì í ṣe tẹ́rù.

Ó ń ra háídírò, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró, díẹ̀díẹ̀ náà, ó sì ń dé e pinpin, torí èyí tí atẹ́gùn bá ti wọ̀ kì í jẹ́ kí aró mú. Àwọn oníbàárà ò ní mọ̀ pé háídírò ló fa á, wọ́n á kàn sọ pé aṣọ rẹ̀ ń ṣí. Mi ò rí i kó ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọdún mẹ́wàá yìí kò rọ ilé kankan lọ́rùn ní Nàìjíríà. Nígbà kónílégbélé 2020, kò sí òde, kò sí ẹni tó ń ra aṣọ ẹbí. Àdùkẹ́ kó àjákù aṣọ inú àpótí, ó sì ń rán ìbòmú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí owó dàwátì káàkiri, tí èèyàn ń tò láti fi owó gba owó lọ́wọ́ àwọn oní-pí-ó-ẹ̀sì, ó ń gba owó aṣọ sínú báǹkì, ó sì ti mọ àwọn alátà àti onírẹsì tó ń gbà á bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló ń ná. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 29 Oṣù Èbìbí ọdún yẹn, a jókòó ní Àìkú tó tẹ̀lé e, a sì tún gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ọkọ̀ mi láti Ọbáńtokò sí ibi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbé wò. Òun ló sọ pé kí n bá àwọn ará ibi iṣẹ́ tó ń gba ọ̀nà kan náà ṣọ̀kan nínú mọ́tò kan, ká jọ máa dá owó epo.

Nígbà tí Táíwò àti Kẹ́hìndé dé, ẹni tó bá ti tọ́ ìbejì mọ̀ pé oorun ni nǹkan tó kọ́kọ́ sọ nù nínú ilé. A pín òru sí méjì. Òun ń fún wọn lọ́mú, èmi ń gbà wọ́n ká gùfẹ̀ wọn jáde, mo ń pààrọ̀ ìlédìí, mo sì ń kọ ẹni tó mu àti ìgbà tó mu sí ara ògiri, torí ojú oorun kì í mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ìyá rẹ̀ wá wẹ̀ wọ́n, ìyá mi wá ro àmàlà. Ẹ̀yin ìyá mi méjèèjì, ẹ ṣeun, ẹ ò ní fi ẹkún sunjú lórí wa. Ìdòwú wá ní tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a sì ti mọ ọ̀nà díẹ̀ nígbà yẹn. Kí n tún sọ èyí fún àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà: a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí àwọn òbí tó rí ara wọn. AS ni mí, AA ni òun. Ìdí nìyẹn tí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde kò fi sí lára ọmọ wa kankan.

A máa ń jà. Kò sí tọkọtaya tí kì í jà, ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà. Ṣùgbọ́n a kì í jà níṣojú ọmọ, a kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lójú ebi, a kì í sì í gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá bínú ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán, ẹnì kejì á dákẹ́ títí dé ìparí. Bí ọ̀rọ̀ bá ju wa lọ, ẹni méjì péré ló lè gbọ́ ọ: àǹtí rẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi kan. Àwọn méjèèjì kì í gbè sẹ́yìn ọmọ wọn, torí ẹ̀ ni a ṣe yàn wọ́n.

Ní ti ẹbí, olúkúlùkù ló ń bá àwọn ènìyàn tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé kò sí owó, èmi ni mo máa sọ fún àbúrò mi, wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó. Bí owó bá sì wà, a máa ń fún ni ní ìwọ̀n tí a lè gbàgbé, torí ẹ̀yáwó tí kò padà ló ń sọ ọmọ ìyá di àjèjì síra wọn. Àdùkẹ́ kì í gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyá mi. Nígbà mìíràn, òun ló ń rán mi létí.

Ilé wa ní Ọ̀bàdá ti dé orí òrùlé. Búlọ́ọ̀kù íńṣì mẹ́sàn-án la fi ṣe ìpìlẹ̀, ti mẹ́fà la fi gbé ògiri. Gbogbo owó àjọ tó kó wọ ibẹ̀. Òun náà ló ní ká má ra sìmẹ́ńtì sílẹ̀ nígbà òjò: ọ̀sẹ̀ tí birikílà fẹ́ lò ó ni a máa ń rà á, torí èyí tó bá fa ọ̀rinrin ti dòkúta kí wọ́n tó tú u. A kò tíì rẹ́ ẹ, a kò tíì kun ún, ṣùgbọ́n kò sí gbèsè kankan lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dúró tì wá lọ́jọ́ ìdána, tí ẹ tọ́ oyin àti ataare sí wa lẹ́nu, tí ẹ ṣàdúrà títí ohùn yín fi há, ẹ kú àdúró tì. Àdúrà yín ń ṣẹ.

Àdùkẹ́, ọlọ́wọ́ tútù, ẹni tí kò gbà kí n jáde láìjẹun, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo nífẹ̀ẹ́ ojú tí o fi ń wo ìwé yẹn ní Àìkú, pẹ̀lú aró tí kì í bọ́ ní èékánná rẹ. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, kí owó ọjà rẹ máa gbèrú, kí àwọn ọmọ wa yàn, kí wọ́n yanjú.

Ìwọ ló kàn láti kó àjọ ní Oṣù Ṣẹẹrẹ. Má fi kún ti Ọ̀bàdá lọ́tẹ̀ yìí. Yàrá aró tí o ti ń fẹ́ ni kó lọ fún, èyí tí omi rẹ̀ á máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ á bo ibi tí ò ń rẹ aṣọ. Mo ti bá birikílà sọ̀rọ̀. Á wá wọn ilẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.