Ìbéèrè inú fótò rẹ: ènìyàn mélòó ni ìdánwò oògùn náà nílò?

Tólú,

Fótò tí o fi ránṣẹ́ láti Adó-Èkìtì dé ọwọ́ mi. Iná fóònù rẹ tàn lé igun ìwé náà, n kò rí i bóyá 0.90 tàbí 0.95 ni wọ́n kọ fún agbára ìdánwò. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ β = 0.10 sí abala (b), agbára sì jẹ́ 1 − β, 0.90 ni nígbà náà. Bí mo ṣe kà á nìyí, fi wé ìwé ọwọ́ rẹ:

Wọ́n fẹ́ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun wé ti àtẹ̀yìnwá. Kèké ni wọn yóò fi pín àwọn aláìsàn sí ẹgbẹ́ méjì tó dọ́gba. Fáríáǹsì ìfúnpá òkè nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100. Bí àárín-iye ẹgbẹ́ méjèèjì bá fi 4 mmHg yàtọ̀ síra, ìyẹn ni wọ́n kà sí ohun tó ní láárí.
(a) Ènìyàn mélòó ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò, bí α bá jẹ́ 0.05 ní apá méjèèjì, tí agbára sì jẹ́ 0.90?
(b) Kí ni β = 0.10 ń sọ níbí?
(d) Bí ìdá 15 nínú 100 yóò bá já kúrò lójú ọ̀nà, mélòó ni kí wọ́n gbà wọlé?

Fọ́múlà náà rèé. σ² ni fáríáǹsì, δ ni ìyàtọ̀ 4 mmHg, 1.96 wá láti ara α, 1.28 sì wá láti ara agbára:

```
n = 2σ²(1.96 + 1.28)² / δ²
  = 2 × 100 × 10.4976 / 16
  = 131.22
```

Ènìyàn 132 ní ẹgbẹ́ kan, 264 lápapọ̀. Òkè la máa ń gbé e sí nígbà gbogbo, kódà kó jẹ́ 131.02 ló jáde, torí pé 131 kò ní mú agbára náà dé 0.90.

Ṣọ́ra pẹ̀lú 100 yẹn. Fáríáǹsì ni, ó ti jẹ́ σ² tẹ́lẹ̀. Bí o bá tún sọ ọ́ di 100², ìwọ yóò wá 13,122 ènìyàn fún ẹgbẹ́ kan! Ìwọ kò ṣe ìyẹn, mo rí i. Ohun tó gbé 66 wá sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ ni pé o fo 2 tó wà níwájú. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ló wà fún. Ẹgbẹ́ méjì ni a ń yọ àárín-iye ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń mú àìdánilójú tirẹ̀ wá, a ní láti ro méjèèjì pọ̀. Fọ́múlà tí kò ní 2 wà lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí a bá ń fi ẹgbẹ́ kan ṣoṣo wé iye kan tí a ti mọ̀ ni à ń lò ó. Bí wọ́n bá fi 66 ṣe ìdánwò yìí:

```
4 / √(200/66) − 1.96 = 0.338
```

Wo 0.338 lórí tábìlì z: agbára rẹ̀ kò ju bí 0.63 lọ.

Ìyẹn gan-an ló máa ṣí abala (b) fún ọ. Ká ní lóòótọ́ ni oògùn tuntun fi 4 mmHg dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí a sì ṣe irú ìdánwò yìí léraléra: nínú 100, nǹkan bí 10 ni yóò parí láìrí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ni β. Pẹ̀lú 66 rẹ, nǹkan bí 37 ni yóò pàdánù rẹ̀. Má ṣe kọ pé "oògùn náà ní àǹfààní 90 nínú 100 láti ṣiṣẹ́". Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́, èmi kì í sì í fún un ní máàkì.

Bí o bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lórí R:

```r
power.t.test(delta = 4, sd = 10,
             sig.level = 0.05, power = 0.90)
```

Nǹkan bí 132.3 ni yóò gbé jáde, èyí tó di 133. Má bẹ̀rù, t ni R ń lò, z ni ìwọ lò. Fi 132 sílẹ̀, torí z ni ìbéèrè náà ń retí.

Abala (d): pín in, má ṣe fi 15 kún un. 132 ÷ 0.85 = 155.3, ìyẹn 156 ní ẹgbẹ́ kan, 312 lápapọ̀. Ẹni tó bá ṣe 132 × 1.15 yóò gba 152 wọlé, bí ìdá 15 bá sì lọ, nǹkan bí 129 ni yóò ṣẹ́ kù, kò tó. Ẹni tó mọ ohun tó ń ná aláìsàn láti ti Ọ̀mùò wá sí Ìdó fún àyẹ̀wò lóṣooṣù yóò tilẹ̀ sọ pé 15 ti kéré, àmọ́ ohun tí wọ́n bi ọ́ ni kí o dáhùn.

Tún un kọ, kí o jẹ́ kí 2 yẹn hàn gbangba ní ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, fi δ = 2 dípò 4, kí o wò ó bóyá 525 ni o rí.