Lẹ́tà tuntun fún àwọn tó kó ọjà sínú agbọ̀n tí wọn ò tíì sanwó

Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọgbá.

Ẹ ní kí n tún lẹ́tà yẹn kọ, èyí tí kọ̀ǹpútà wa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kó ọjà sínú agbọ̀n lórí wẹ́ẹ́bùsáìtì wa tí kò sanwó. Mo ti tún un kọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jọ wo ti tẹ́lẹ̀:

"Ẹ YÁRA! Ẹ ti gbàgbé nǹkan! Ọjà yín ti fẹ́ẹ́ tán, ẹyọ 2 péré ló kù! Ẹ sanwó báyìí kí ẹlòmíì tó gbé e! Ìṣẹ́jú 59 ló kù fún yín!"

Wákàtí kan lẹ́yìn tí ènìyàn bá kúrò níbẹ̀ ló ń lọ bá a. Ó tún ń lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún ń lọ lọ́jọ́ kẹta. Àǹtí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé aṣọ òkè àlàárì tí à ń tà wà nílẹ̀ dáadáa, kò sì sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ tí ìṣẹ́jú 59 bá pé. Irọ́ ni, orúkọ yín la sì fi ń pa á. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ yìí, ti ọdún 2018, kò fàyè gba kí ọlọ́jà máa tan ẹni tó fẹ́ rajà. Ká tiẹ̀ yọ ti òfin kúrò: bí ènìyàn bá yẹ aṣọ wò níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Balógun, tó ní "mò ń bọ̀", ẹ kì í sá tẹ̀ lé e dé CMS. Ẹ máa ń bi í bóyá àwọ̀ ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni, àbí iye owó. Ìdí nìyẹn tó fi ń padà wá.

Àwọn Baymard tó ń ṣèwádìí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé nínú agbọ̀n 100, nǹkan bí 70 ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láìsanwó. Ọ̀pọ̀ wulẹ̀ ń wòran ni. Nínú àwọn tó fẹ́ rà lóòótọ́, owó tó ń yọjú lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò tán ló ń lé jù lọ nínú wọn padà. Tiwa náà rèé: ojú ewé tó kẹ́yìn ni owó dísípáàṣì ti ń jáde. Nítorí náà, mo gbé e síwájú nínú lẹ́tà yìí. Oníbàárà Sùúrùlérè ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ tí kálukú bá ní ká máa pe òun ni kọ̀ǹpútà á máa fi síbẹ̀.

Àkọlé ímeèlì: Ìyá Tósìn, àlàárì tí ẹ yàn ṣì wà nínú agbọ̀n yín

Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Tósìn. Ẹ kú ìmúra.

Ní àná, ẹ yan aṣọ òkè àti fìlà lọ́dọ̀ wa, ẹ ò sì tíì parí rẹ̀. Bóyá iṣẹ́ ló pè yín, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá yín dúró, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ṣì ń rò ó. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. A kọ̀wé kí ẹ lè rí ohun tí ẹ yàn láìtún wá a kiri, kí a sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí àwọn oníbàárà wa máa ń bi wá kí wọ́n tó sanwó.

Ohun tó wà nínú agbọ̀n yín rèé:

Àlàárì obìnrin, ìró, gèlè àti ìpèlé: ₦85,000
Fìlà àlàárì méjì, sáìsì 23, ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦18,000
Owó dísípáàṣì dé Sùúrùlérè: ₦4,000
Gbogbo rẹ̀: ₦107,000

Iye tí ẹ máa san nìyẹn. Kò sí owó mìíràn tó máa yọjú níwájú. Bí ẹ bá fẹ́ fi ₦4,000 yẹn pamọ́, ẹ lè wá gbé e fúnra yín ní Balógun, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé. Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní CMS, ẹ gba ojú títì Broad, kí ẹ wá yà sí Martins. Ẹ kọ̀wé sí wa kí ẹ tó kúrò nílé, ọmọ wa kan á wá pàdé yín lẹ́nu Martins, torí èrò ọjà yẹn lè mú kí ènìyàn rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù wa.

Bí báńkì bá ti yọ owó yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà mìíràn, owó á kúrò nínú àkáǹtì oníbàárà, kò sì ní tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì tiransífà náà, kí ẹ fi fèsì sí lẹ́tà yìí. Nọ́ńbà gígùn kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Session ID, ó jẹ́ 30 ní kíkà. Òun ni a máa fi wá owó náà. Bó bá ti wọlé, a ó di ọjà yín lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá tíì wọlé, a ó sọ fún yín láìfi nǹkan kan pamọ́, kí ẹ lè mú Session ID yẹn lọ bá báńkì yín. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Bó bá jẹ́ àwọ̀ ni ẹ ń rò. Ojú fóònù kì í sọ òótọ́ àwọ̀ tán, àlàárì pàápàá, torí pupa rẹ̀ máa ń ṣú nínú ilé, ó sì máa ń tàn lójú oòrùn. Ẹ fi nọ́ńbà Wásáàpù yín fèsì, a ó gbé aṣọ náà síta ní ọ̀sán, a ó ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹ bá ní búláòsì tàbí bàtà tí ẹ fẹ́ kó bá mu, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, a ó gbé ohun tó jọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà nínú fídíò.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi hun aṣọ yìí ní Ìṣẹ́yìn, ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wá rán pọ̀. Òwú tí wọ́n pa láró lónìí àti èyí tí wọ́n máa pa láró lóṣù tó ń bọ̀ lè má dọ́gba, bí aláró tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan náà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ni, tí àwọn àbúrò yín tàbí àna yín náà máa wọ̀ ọ́, ó sàn kí gbogbo yín mọ iye tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Kódà bí ìyẹn bá máa gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ẹ dúró.

Fìlà. Sáìsì 23 ni ẹ mú fún méjèèjì. Bí ó bá dá yín lójú, ó ti parí. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi téèpù télọ̀ yí orí ẹni tó máa dé e ká, lókè etí díẹ̀, kó gba iwájú orí kọjá. Iye ínṣì tí ẹ bá rí ni sáìsì rẹ̀. A ní 22 títí dé 24. Bó bá bọ́ sáàárín méjì, ẹ mú èyí tó tóbi, torí fìlà tó fún máa ń ba ojú ènìyàn jẹ́ nínú fọ́tò, yóò sì máa ro ó lórí.

Ọjọ́ tó máa dé. Bí ẹ bá sanwó kí ó tó di aago méjìlá ọ̀sán, ó máa dé Sùúrùlérè lọ́jọ́ náà, àyàfi ọjọ́ Àìkú. Bí òjò bá rọ̀ tàbí tí ọkọ̀ dí lórí bíríjì Èkó, ó lè di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ọjọ́ ìnáwó yín bá ti sún mọ́, ẹ sọ ọjọ́ náà fún wa kí ẹ tó sanwó. Bí a bá rí i pé kò ní bá a, a ó sọ bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ ní ọjọ́ 7 láti dá a padà, bí ẹ kò bá tíì gé e, tí télọ̀ kò sì tíì rán an. Owó aṣọ yín á padà sínú àkáǹtì yín pé pérépéré. Owó dísípáàṣì nìkan ni a kì í dá padà.

Agbọ̀n yín á wà bó ṣe wà fún ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n a kò ya aṣọ náà sọ́tọ̀, ẹlòmíì lè rà á. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, àwọn ahunṣọ wa lè hun òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, iye kan náà sì ni.

[Ẹ wo agbọ̀n yín] [Ẹ bi wá ní ìbéèrè] [Mi ò fẹ́ ẹ mọ́]

Bí ẹ bá tẹ èyí tó kẹ́yìn, a ó kó ọjà kúrò nínú agbọ̀n náà, kò sì sí ìbéèrè kankan. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí a máa kọ lórí agbọ̀n yìí nìyí.

Inú ayọ̀ lẹ ó ti lò ó o. Ẹ̀mí yín á lò ó pẹ́.

Ṣadé, lórúkọ gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù Balógun

Èyí tó wà lókè yìí ni ti ímeèlì. Àwọn tó fi nọ́ńbà fóònù nìkan sílẹ̀ á máa gba èyí ní Wásáàpù:

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Tósìn. Ṣadé ni, láti ṣọ́ọ̀bù aṣọ òkè ní Balógun. Àlàárì àti fìlà méjì tí ẹ yàn lánàá ṣì wà nínú agbọ̀n yín. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦107,000, owó dísípáàṣì dé Sùúrùlérè wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n ya fídíò rẹ̀ lójú oòrùn fún yín? Bí ẹ kò bá fẹ́ mọ́, ẹ kọ 'rárá', mi ò ní yọ yín lẹ́nu."

Ẹni tó bá kọ "rárá", kí ó jẹ́ rárá lóòótọ́. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ká má fi ìpolówó ránṣẹ́ sí òun mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbínú dárúkọ wa.

Mo ti yí àkókò rẹ̀ padà: aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò máa lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wò ó bóyá onítọ̀hún ti sanwó lọ́nà mìíràn. Àwọn kan ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wá rà á, wọn á délé, lẹ́tà "ẹ yára" á sì bá wọn níbẹ̀. Ìyẹn dùn mí gan-an, torí owó wọn ti wà lọ́wọ́ wa.

Nǹkan méjì ló kù tí mo nílò lọ́wọ́ yín, Àǹtí. Ẹ bá mi bi àwọn ọmọ dísípáàṣì ní iye tí wọ́n ń gbà dé Ìkòròdù àti Badagry, kí n lè fi iye gidi síbẹ̀. Ẹ sì bá mi pe Ìṣẹ́yìn, kí wọ́n sọ bóyá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yẹn ṣì ṣeé ṣe ní oṣù Kejìlá. Bí kò bá ṣeé ṣe, màá kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin síbẹ̀ kí lẹ́tà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.