Ohun tí Páálí Sọ àti Ohun tí Fóònù Ṣe: Ọ̀rọ̀ Fídíò fún Ṣíṣí àti Àyẹ̀wò Fóònù Olówó Pọ́ọ́kú

[Apá kìíní. Kámẹ́rà wà lókè tábìlì, ó kọjú sísàlẹ̀. Páálí tí a kò tíì ṣí wà láàárín, ọ̀bẹ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.]

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òǹwòran mi. Owó àpò ara mi ni mo fi ra fóònù tó wà níwájú yín yìí. Ilé-iṣẹ́ kankan kò fi í ránṣẹ́ sí mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ṣáájú yín. Ẹ ti rí orúkọ rẹ̀ lára páálí, nítorí náà n kò ní máa pè é. Apá kìíní fídíò yìí ni a ó fi ṣí páálí. Apá kejì, mo yà á lẹ́yìn tí mo ti lo fóònù náà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, tí síìmù mi àti gbogbo iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi wà lórí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá dá fóònù lẹ́jọ́ ní ọjọ́ tó rà á, páálí ló dá lẹ́jọ́.

[Sún kámẹ́rà mọ́ iwájú páálí.]

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ohun tí páálí ń sọ. Wọ́n kọ “8GB” gàdàgbà síwájú, wọ́n sì kọ “64GB” tẹ̀ lé e. Lábẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, wọ́n fi lẹ́tà tó kéré débi pé mo ní láti gbé páálí lọ sójú fèrèsé kọ “4GB+4GB”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni “50MP”, “90Hz” àti “5000mAh”.

[Fi ọ̀bẹ la ọ̀rá ara páálí. Gbé ìdérí kúrò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.]

Fóònù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọjú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìwé kékeré kan, abẹ́rẹ́ tí a fi ń yọ ilé síìmù, àpò ẹ̀yìn rírọ̀ tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, ṣájà oníwáàtì mẹ́wàá, àti wáyà olórí USB-C. Kò sí wáyà ìgbọ́rọ̀ tí a ń kì bọ etí, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ fóònù. Láti ọdún 2020 tí Apple ti gbé iPhone 12 jáde láìsí ṣájà nínú páálí ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo dúpẹ́ fún ṣájà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní yìn ín tó bẹ́ẹ̀ mọ́ tí a bá dé apá kejì.

[Yí fóònù padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí kámẹ́rà.]

Ike ni ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń dán. Ẹ wo ojú ìka mi lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò tíì mú un ju ìṣẹ́jú kan lọ. Òrùka mẹ́ta ni wọ́n yà sí igun òkè, ẹni tó bá sì wò ó lókèèrè yóò rò pé kámẹ́rà mẹ́ta ni. Ọ̀kan péré ló ń ya àwòrán. Ọ̀kan jẹ́ iná, èyí tó kù sì jẹ́ ohun kékeré kan tí mo fi ìka bò mọ́lẹ̀ nígbà tí mo ń ya àwòrán, tí kò sì sí ohunkóhun tó yí padà nínú àwòrán náà. Ẹ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe kámẹ́rà. Ní ẹ̀gbẹ́, bọ́tìnnì tí a fi ń tan fóònù náà ló ń ka ìka ọwọ́, ibẹ̀ sì dára fún un, nítorí àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún máa ń bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé síìmù gba síìmù méjì pẹ̀lú káàdì mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù olówó gọbọi kò ṣe mọ́.

[Tan fóònù. Gé fídíò lọ sí ojú ìwé “Storage”.]

Mo ti parí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀, n kò tíì fi ohunkóhun sórí rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó bá a wá. Síbẹ̀, ó sọ pé òun ti lo gígábáìtì 17 nínú 64. Ara ohun tó jẹ àyè yìí ni áàpù mọ́kànlá tí mi ò béèrè fún, mẹ́rin nínú wọn kò sì ṣeé yọ. A lè dá wọn dúró kí wọ́n má ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n gbà, wọ́n ti gbà á nìyẹn.

[Apá kejì. Mo jókòó níwájú kámẹ́rà, fóònù wà lọ́wọ́ mi.]

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ti kọjá. Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà jù lọ.

Fóònù yìí kò ní gígábáìtì mẹ́jọ RAM. Mẹ́rin ló ní. RAM dà bí orí tábìlì tí ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ibi ìpamọ́ sì dà bí àpótí tí a ń kó nǹkan sí lábẹ́ tábìlì náà. Ohun tí wọ́n pè ní mẹ́rin kejì yẹn, inú àpótí ni wọ́n ti yá a, tí wọ́n ń pè é ní tábìlì. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́ kí fóònù gbé áàpù tí a kò lò lọ́wọ́ sínú ibi ìpamọ́, kó sì tún gbé e jáde nígbà tí a bá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìyára ibi ìpamọ́ kò sún mọ́ ti RAM rárá, pàápàá jù lọ nínú fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ń lo irú ìpamọ́ tí a ń pè ní eMMC, tó lọ́ra ju UFS tó wà nínú àwọn fóònù tó wọ́n jù ú lọ. Mo tan àfikún náà, mo ṣí áàpù mẹ́wàá tẹ̀ léra wọn. Nígbà tí mo padà sí àkọ́kọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo pa á, mo tún ṣe é bákan náà, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. N kò rí ìyàtọ̀ tí mo lè fi hàn yín, mo sì ti pa á títí di òní kí n lè gba gígábáìtì mẹ́rin mi padà. Ẹ̀sùn mi lórí èyí kò sí lọ́rùn fóònù. Ẹni tó kọ̀wé sára páálí ló ni ín.

Fún ìpè, ìránṣẹ́, kíka ìròyìn àti wíwo fídíò, gígábáìtì mẹ́rin náà ń tó o. Ó máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó ṣí kámẹ́rà, bóyá ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹni tó bá sì ń yára tẹ̀wé yóò rí i pé lẹ́tà máa ń pẹ́ kí ó tó yọ tí áàpù bá ń wọlé sórí fóònù lọ́wọ́. Géèmù kéékèèké ń lọ dáadáa. Àwọn ńláńlá ń wọlé, wọ́n ń ṣí, wọ́n sì ń gbọ̀n bí ọkọ̀ tó gun ọ̀nà oníkòtò.

[Fi bátìrì hàn lójú fóònù.]

Ní ti bátìrì, páálí kò purọ́ níhìn-ín. Nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀meje péré ni mo fi iná sí i. Ohun tó fa èyí kò ṣòro láti mọ̀: mAh 5000 pọ̀, ojú fóònù sì ní àmì ìmọ́lẹ̀ 720 ní ìbú àti 1612 ní gígùn, èyí tí kò tó ìdajì iye tó wà lójú fóònù tó bá ní 1080 ní 2400, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Àìdára ojú yẹn àti agbára bátìrì yẹn, ìbejì ni wọ́n. Tí a bá gbé fóònù sún mọ́ ojú, létí àwọn lẹ́tà tó kéré, a ó rí i pé wọn kò mú ṣáká. Tí a bá gbé e síbi tí a máa ń gbé fóònù sí, ojú mi kò rí i. Ìṣòro rẹ̀ tòótọ́ ni oòrùn: ní ìta gbangba ní ọ̀sán, ọwọ́ ni mo fi ń ṣíji bò ó kí n tó lè kàwé. Ní ti “90Hz”, ìyẹn pé ojú fóònù ń tún àwòrán rẹ̀ yà nígbà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òótọ́ ni, ìwé tí a ń yí lọ sókè sódò sì ń ṣàn geere.

Ṣájà ni mo sọ pé màá padà sí. Fólítì márùn-ún àti áńpì méjì ló ń gbé jáde, ìyẹn wáàtì mẹ́wàá, bátìrì yìí sì ń gba bíi wáàtì mọ́kàndínlógún fún wákàtí kan kí ó tó kún. Ẹni tó bá pín in, tó sì ro iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà àti bí fóònù ṣe máa ń rọra gba iná tó bá ti ń kún mọ́ ọn, yóò mọ̀ pé kò lè yá. Tèmi gba wákàtí mẹ́ta ó dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi sí iná kí ẹ tó sùn.

[Fi àwòrán mẹ́rin hàn tẹ̀ léra wọn.]

Kámẹ́rà oní-50 yìí, mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 12.5 ló ń yà tí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, nítorí ó ń pa àmì mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀ sí i. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn fóònù tó wọ́n náà ń ṣe. Àwòrán àkọ́kọ́ yìí, ní òwúrọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, mo lè fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láìtijú. Ẹ wo ìkẹta, nínú yàrá tí gílóòbù kan ṣoṣo wà: irun àti aṣọ ti di ohun kan náà. Ìkẹrin, ọmọdé tó ń sáré, ẹ kò lè mọ ojú ọmọ náà. Kò sí ohun tó ń mú kí fídíò dúró gbọn-in, nítorí náà ẹni tó bá ń rìn kí ó má yà á.

Sípíkà rẹ̀ kan ṣoṣo ni, ó wà nísàlẹ̀, ó pariwo dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Mo gbé fóònù fún ìyá mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sùn mí ni ìpolówó tó ń yọ lójú fóònù nígbà tí wọn kò tíì ṣí ohunkóhun. Inú áàpù tó bá fóònù wá ló ti ń jáde. Mo wọ “Settings”, mo ti “Notifications” tirẹ̀ pa, kò sì padà mọ́. Kò yẹ kí ìyá ẹnikẹ́ni máa wá ọmọ tí yóò bá òun ṣe èyí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù lọ kò hàn nínú àwòrán kankan. Android 14 ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe ààbò tó bá a wá ti pé oṣù mẹ́jọ lọ́jọ́ tí mo ṣí páálí, òmíràn kò sì wá láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kò sí ibi kankan nínú ìwé tó bá a wá tí wọ́n ti sọ iye ọdún tí wọn yóò fi máa fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ fi fóònù rẹ̀ ṣe òwò báńkì, kí ó béèrè èyí lọ́wọ́ òǹtajà kí ó tó sanwó.

Ṣé màá tún rà á? Fún ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn tí mo bá ti pa àwọn ìpolówó náà. Fún àbúrò mi tó ń ṣe géèmù, rárá; kí ó ní sùúrù kí owó rẹ̀ pé fún èyí tó ní ìpamọ́ UFS àti gígábáìtì mẹ́fà tòótọ́. Fún ara mi, gẹ́gẹ́ bí fóònù kejì tó ń wà nínú àpò, mo ti fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

[Yí ojú fóònù sí kámẹ́rà.]

Láti ara fóònù yìí kan náà ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tí mò ń bá yín sọ. Láti àárọ̀ àná ni mo ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ṣẹ́ kù.