Lẹ́tà ìbéèrè sí Dókítà Adéyẹmí, fún ìjẹ́rìí résídẹ́ńsì

Ṣikágò,
8 oṣù Keje, 2025.

Dókítà Adéyẹmí, sà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí ẹ ti ní bí a bá ti jáde ní wọ́ọ̀dù, ẹ ò gba gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu mi mọ́.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí ni mo wá tọrọ. Mo ti wọ ọdún kẹrin, ọdún àṣekágbá wa, mo sì fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún résídẹ́ńsì lóṣù Kẹsàn-án, nínú ìtọ́jú àìsàn inú ara àwọn àgbàlagbà. Lẹ́tà tí a lè fi ránṣẹ́ síbì kan lórí ERAS ò ju mẹ́rin lọ. Mo fẹ́ kí tiyín wà níbẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ rí mi lẹ́nu iṣẹ́.

Bóyá ẹ ṣì rántí màmá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lóṣù Kejì, tí èémí ò jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀. Gbogbo ẹni tó bi í ló sọ fún pé òun ń lo oògùn òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó tì í, mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ẹni, mo wá bi í bí Sọ́ńdè rẹ̀ ṣe máa ń lọ. Ibẹ̀ ló ti já a sí mi lọ́wọ́: òun kì í lo fúrósẹ́máìdì lọ́jọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, torí ìsìn máa ń pẹ́, òun ò sì lè máa dìde lọ tọ̀ lójú pásítọ̀. Ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì màmá sì pọ̀ lọ́sẹ̀! Mo pe ilé oògùn rẹ̀, wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti wá gbà á kẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ ọ́ níwájú yín, ẹ ní kí èmi fúnra mi bá a tún àkókò rẹ̀ ṣe, kó máa lò ó tí ìsìn bá parí. Kó tó lọ sílé, ìrọ̀rí kan ṣoṣo ló fi ń sùn.

Irú èyí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ, sà. Ẹ má jẹ́ kó mọ sí pé mo gbọ́ Yorùbá. Awakọ̀ tó gbé màmá wá náà gbọ́ ọ. Bí mo ṣe ń tọ ọ̀rọ̀ dé ìdí ni kí ẹ sọ.

Mi ò ní ka lẹ́tà náà, mo ti fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé wa. Tí tiyín bá wọlé ṣáájú ọjọ́ kẹwàá, ọkàn mi á balẹ̀. Sí-fí mi àti fọ́ọ̀mù ERAS tí Letter ID wà lórí rẹ̀ wà pẹ̀lú ímeèlì yìí. Ẹ̀yin tàbí akọ̀wé yín lẹ máa gbé e sórí pọ́tà.

Tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, tàbí tí ẹ ò bá lè fi gbogbo ẹnu jẹ́rìí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè sọ fún mi, kò ní bí mi nínú. Mo lè yà ní ọ́fíìsì yín ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn klíníìkì.

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà.

Ọmọ yín lẹ́nu iṣẹ́,
Mosúnmọ́lá Akínadé