Àdìrẹ yín: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti gbéra, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù

Òṣogbo,
Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje, 2025.

Ẹ̀yin Màmá Ìbejì wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́. Màmá mi ní kí n bá àwọn kí yín dáadáa. Ọwọ́ wọn wà nínú aró títí dé ìgúnpá bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò lè di fóònù mú.

Nínú ogójì àdìrẹ tí ẹ ní ká ṣe, 25 ti kúrò ní Òṣogbo láàárọ̀ yìí. 15 ló kù, ẹ̀ẹ̀mejì la ó sì fi wọ́n ránṣẹ́: 5 máa kúrò níbí ní Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje, 10 máa kúrò ní Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Keje. Bí ó bá rí bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló máa wà láàárín èyí tó kẹ́yìn àti Sátidé 2 Oṣù Kẹjọ tí ẹ máa ṣàjọ̀dún. Mo mọ̀ pé lónìí la ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ máa pé. A ò mú ìlérí náà ṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Bí ẹrù ṣe lọ nìyí, kí ẹ lè fi ìwé yìí kà á bó bá dé:

Àdìrẹ oníko, ọ̀pá márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan: 10 lẹ ní ká ṣe, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti lọ.
Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, Ìbàdándùn, ọ̀pá márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan: 20 lẹ ní ká ṣe, 15 ti lọ, 5 ló kù.
Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, Ọlọ́kun, ọ̀pá márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan: 10 lẹ ní ká ṣe, kò tíì sí ọ̀kan tó lọ.

Àpò ńlá méjì ni. Oníko wà nínú èyí tí a fi okùn pupa dì, Ìbàdándùn wà nínú èyí tó ní okùn dúdú. Awakọ̀ náà máa já wọn sílẹ̀ fún yín ní gáréèjì Ìwó Road. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù yín, mo sì ti sanwó ẹrù. Bó bá tún béèrè owó kankan lọ́wọ́ yín, ẹ pè mí níbẹ̀ kí ẹ tó dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹni tó lè kà á lójú ọkọ̀, torí bí ẹrù bá ti kúrò ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ mi àti ọ̀rọ̀ awakọ̀ ló kù.

Ẹ máa fẹ́ mọ ohun tó fa ìdádúró yìí. Ẹ̀bi wa ni, mi ò ní dá a lé òjò lórí tán. Ìkòkò aró mẹ́ta la ní. Ìkẹta, èyí tó tóbi jù tí a dìídì tọ́jú fún àwọn Ọlọ́kun yín, bàjẹ́. Ẹ mọ̀ pé omi eérú la fi ń po ẹ̀lú, eérú yìí ló sì ń fún aró lágbára. Ọmọ iṣẹ́ kan gbàgbé àpò eérú síta lálẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀, omi wọ inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún Màmá. Wọ́n sẹ́ omi eérú náà, wọ́n dà á lé ẹ̀lú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà tí Màmá ti aṣọ ìdánwò kan bọ̀ ọ́, aṣọ náà jáde bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ lódò tó dọ̀tí. Kò mú. Wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́nu, wọ́n tu ú dànù, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. A da gbogbo rẹ̀ nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje, la po òmíràn pẹ̀lú eérú gbígbẹ. Ó máa ń tó ọjọ́ méje kí aró tó jiná. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, 15 Oṣù Keje, la retí pé a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ọlọ́kun bọ̀ ọ́. A kì í rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan kó dúdú bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. A máa tì í bọ inú aró, a máa gbé e jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a tún máa tì í bọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Aṣọ ẹlẹ́kọ kò sì ṣeé fún, torí bí ẹ bá fún un, ẹ̀kọ tí a fi ya ara rẹ̀ á fọ́, aró á wọ ibi tó yẹ kó funfun. Ó gbọ́dọ̀ kán gbẹ fúnra rẹ̀. Nínú Oṣù Keje, ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn náà la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ha ẹ̀kọ kúrò, ká fọ̀ ọ́, ká sá a, ká lù ú kó dán. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọjọ́ 24, tí mi ò mú 20 tí ọmọ iṣẹ́ wa sọ. Mo ti fi ọjọ́ méjì kún un fún òjò.

Yíyà ti parí, ẹ má fòyà nípa ìyẹn. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti wà níbí, ẹ̀kọ ti gbẹ lára wọn, a ká wọn sínú yàrá tí òjò ò lè dé. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe bẹ̀bẹ̀, kò sí páánù gígé nínú rẹ̀.

Èrò kan lè sọ sí yín lọ́kàn pé kí ló dé tí a ò kúkú rẹ Ọlọ́kun nínú ìkòkò méjì tó dára. A rò ó wò. Márùn-ún Ìbàdándùn tó kù ló wà nínú wọn báyìí, agbára aró náà sì ti ń lọ sílẹ̀. Bí a bá ti Ọlọ́kun bọ̀ ọ́, mẹ́ta á dúdú, mẹ́ta á dà bí ojú ọ̀run, ìyókù á wà láàárín. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ mẹ́wàá tó máa jókòó lórí ìlà kan náà, tí àwòrán wọn máa wà lára ògiri fún ọdún gbọọrọ, kò yẹ kí aṣọ wọn máa bára wọn jà. Aró òyìnbó wà lọ́jà, ọjọ́ méjì ni mo lè fi parí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀lú lẹ sanwó fún, mi ò sì lè fún yín ní nǹkan mìíràn láìsọ.

Ọ̀rọ̀ owó: ₦770,000 ni gbogbo rẹ̀ (oníko ₦12,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìbàdándùn ₦20,000, Ọlọ́kun ₦25,000). Ẹ ti san ₦500,000. Iye ohun tó lọ lónìí jẹ́ ₦420,000, ìyẹn ni pé ₦80,000 yín ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ má san kọ́bọ̀ kankan sí i báyìí. ₦270,000 tó kù, ẹ di ìgbà tí Ọlọ́kun bá dé ọwọ́ yín tí ẹ sì ti tú u wò. Àwa la ó san owó ọkọ̀ ẹrù kejì àti ìkẹta.

Bí ọjọ́ 24 bá pẹ́ jù fún àwọn télọ̀ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Ẹ lè ní ká fi oníko mẹ́wàá mìíràn dípò Ọlọ́kun. A ní wọn nílẹ̀, wọ́n lè kúrò pẹ̀lú ti Ọjọ́rú, gbogbo owó á wá jẹ́ ₦640,000, ₦140,000 lẹ ó sì san. Tàbí kí ẹ fagi lé Ọlọ́kun pátápátá, nígbà náà ₦20,000 péré lá kù kí ẹ san. Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin: màá dúró de Ọlọ́kun. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń tà á, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kí n gbọ́ ìpinnu yín kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ajé, 14 Oṣù Keje, torí Ìṣẹ́gun là ń ti wọn bọ aró, bí wọ́n bá sì ti wọ̀ ọ́, a ò lè tún pa ọkàn dà. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá gbà pé ká máa bá a lọ.

Bó bá di Sátidé 26 Oṣù Keje tí Ọlọ́kun ò tíì dé Ìbàdàn, ẹ kò ní san ju ₦20,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá ló ní kí n kọ ìyẹn síbẹ̀, wọ́n ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn télọ̀: aró ẹ̀lú tuntun máa ń yọ sọ́wọ́, kí wọ́n má gbé e lé aṣọ funfun, kí wọ́n sì nu tábìlì lẹ́yìn iṣẹ́. Omi tútù àti iyọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, lọ́tọ̀. Ẹ fún àwọn tí télọ̀ wọn máa ń pẹ́ ní ti wọn nínú Ìbàdándùn 15 tó ń bọ̀ lónìí yìí. Àwọn márùn-ún tí télọ̀ wọn yá ni kí ó dúró de Ọjọ́rú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ọ̀kan nínú Ìbàdándùn yẹn wò fún mi kí ẹ tó pín in. Òpó Màpó inú rẹ̀, tí ẹ sọ pé ó wọ́ nínú ti ọdún tó kọjá, Màmá fúnra wọn ló fi okùn wọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ.

Màá pè yín lálẹ́ òní láti mọ̀ bóyá ẹrù ti dé. Lálẹ́ Ìṣẹ́gun, màá fi àwòrán Ọlọ́kun àkọ́kọ́ ránṣẹ́ bó bá ti jáde nínú aró, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé ó mú.

Ọmọ yín ní Òṣogbo,
Fọlákẹ́, ọmọ Ìyá Aláró.