Ebi kì í wọnú kí ẹ̀kọ́ wọ̀ ọ́: ọ̀rọ̀ ìpéjọ òwúrọ̀

Ọ̀gá àgbà wa, ẹ̀yin igbákejì ọ̀gá, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín kú àárọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ sì kú ìdúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀gá àgbà fún mi, n kò ní dá yín dúró pẹ́ nínú oòrùn.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ló jẹun kó tó kúrò nílé láàárọ̀ yìí? Ẹ má nawọ́ sókè. Ọkàn yín ni kí ẹ dá lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ìwé àwọn ọmọ ọdún kejì láti máàkì. Ìwé ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ó gbà kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, bí n kò bá ti dárúkọ òun. Ó kọ àkọlé dáadáa, ó fi rúlà fa ìlà sí i nídìí. Ìlà márùn-ún àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tò létòletò. Nígbà tó di ìlà kẹfà, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kúrò lójú ìlà. Ní ìlà kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ kan dá dúró lágbedeméjì, bíírò sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Oorun ló gbé e lọ, tòun ti bíírò lọ́wọ́. Aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni. Mo pè é, mo ní kí ló jẹ láàárọ̀. Ó ní, “Mà, mo mu mínírà, mo fi jẹ bisikíìtì lẹ́nu géètì.” Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo mọ ọ̀lẹ bí mo bá rí i.

Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ikùn lásán ni. Ìgbà tí mo wá kọ́ nípa ọpọlọ ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orí gan-an ni wọ́n ń sọ. Bí ọpọlọ àgbàlagbà ṣe kéré tó, tí kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi ni òun nìkan ń jẹ. Ti ọmọdé tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọpọlọ tiwọn ṣì ń dàgbà. Ohun tó sì ń jẹ jù lọ ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ń pè ní glúkóòsì. Ọpọlọ kò ní àká tí yóò kó o pamọ́ sí. Ẹ̀dọ̀ ló ní àká. Bí ẹ bá sùn lóru, ẹ̀dọ̀ ló ń bù ú fún ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó jẹun alẹ́ ní aago mẹ́jọ, tí kò fẹnu kan nǹkan kan mọ́ títí di bírékì aago mẹ́wàá ààbọ̀, wákàtí mẹ́rìnlá ààbọ̀ ló fi wà láìjẹun. Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ tèmi ti kọjá lórí rẹ̀ kí ó tó jẹ ohun kankan. Ara kò ní jẹ́ kó ṣubú, yóò wá ọgbọ́n dá. Ṣùgbọ́n orí lè máa fọ́ ọ, inú lè máa bí i láìnídìí, ohun tí olùkọ́ sì sọ lẹ́ẹ̀mejì lè má yé e.

Ẹ wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹlẹ́rìndòdò ni, ìgò ìdajì lítà tí ẹ ń rà lẹ́nu géètì. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: gíráàmù 10 ṣúgà nínú ọgọ́rùn-ún mìlílítà. Nígbà náà, gíráàmù 50 ló wà nínú odindi ìgò. Ṣíbí tíì kan tó kún dọ́gba gba nǹkan bí gíráàmù 4. Ẹ máa bá mi kà á bí mo ṣe ń fi ṣíbí da ṣúgà sínú àwo funfun yìí. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta... Méjìlá, ó sì tún ku díẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe ga tó. Bí mo bá ní kí ẹ mú ṣíbí, kí ẹ sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa kọ̀. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé yóò dára bí ṣúgà tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu kò bá ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ lóòjọ́, kódà fún àgbàlagbà. Ìgò kan ṣoṣo ti di ìlọ́po méjì rẹ̀, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sì ni.

Kí ni irú ṣúgà yẹn ń ṣe? Kò sí ohun tó fẹ́ lọ̀ nínú ikùn, nítorí náà wẹ́rẹ́ ló wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara rí i pé ó ti pọ̀ jù, ó tú ínsúlíìnì jáde láti kó o kúrò lójú ọ̀nà. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí wákàtí méjì tó pé, ó ti wálẹ̀, ebi lè tún dé, ojú lè máa wúwo. Bisikíìtì funfun kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Ìdí rèé tí ọmọ tó ń pariwo kiri ní aago mẹ́jọ fi lè dorí kodò sórí tábìlì ní aago mẹ́wàá.

Ẹ wá gbé àkàrà wò, tàbí mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀wà ni. Ó ní èròjà tó ń mú ara dàgbà, ó ní fáíbà, ìyẹn okùn inú oúnjẹ tí kì í yára dà. Díẹ̀díẹ̀ ni ikùn ń tú u sílẹ̀, bí ẹni tó ń fi igi kọ̀ọ̀kan kún iná, dípò ẹni tó da kẹrosíìnì sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kọ tàbí ògì nìkan kì í pẹ́ nínú, ṣùgbọ́n bí àkàrà bá tẹ̀ lé e, ó di oúnjẹ gidi. Gàárì mímu náà bẹ́ẹ̀. Gàárì, omi àti ṣúgà nìkan kò tó. Ẹ ju ẹ̀pà tó kún ọwọ́ sí i. Oúnjẹ tí àwọn ìyá ìyá wa ń jẹ ni mo ń sọ, kì í ṣe ti ilé olówó.

Èmi náà jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo wà ní ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì, mo ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sílé ìwé, mo sì gbà pé ọmọ tó bá fẹ́ tètè dé kì í jókòó jẹun. Lọ́jọ́ ìdánwò Ìṣirò, mo ka ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ wọn kò so pọ̀. Mo rò pé wọ́n fi nǹkan ṣe mí ni. Nígbà tí mo sunkún délé, màmá mi àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ aráyé rárá. Ó ní, “Kí lo jẹ?” Láti ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ kan àti àkàrà mẹ́ta nínú ewé ló ń bá mi lọ. Mo ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, epo ń yí mi lọ́wọ́. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn ewé eéran tó ti gbóná, ọ̀nà ilé ìwé yẹn ni mo ń rí.

Kì í ṣe tèmi nìkan. Ní orílẹ̀-èdè Jàmáíkà, àwọn onímọ̀ kan fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ àárọ̀ fún odindi ọdún ilé ìwé kan, ní ilé ìwé ìgbèríko 16, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọsàn ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n fi ń wé wọn. Àwọn tó ń jẹun àárọ̀ ń wá sílé ìwé déédéé sí i, àwọn kékeré inú wọn sì ṣe dáadáa sí i nínú ìṣirò. Ìyàtọ̀ náà kò tóbi, n kò ní parọ́ fún yín pé oúnjẹ yóò sọ ẹni tí kò kàwé di ẹni tó gba ipò kìíní.

Lórílẹ̀-èdè tiwa, oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà fún. Ẹ̀yin ti kọjá ibẹ̀. Owó tí wọ́n ń fún yín nílé ló kù lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ sì ń pinnu ohun tí yóò rà. Ẹgbẹ̀ta náírà tí ọmọ kan fi ra mínírà àti bisikíìtì lánàá, mo bi ìyá alákàrà wa léèrè: àkàrà mẹ́rin ni, yóò sì ṣẹ́kù owó ẹ̀pà. Nígbà bírékì, ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, ẹ ra bọ̀ọ̀lì, ẹ ra ẹyin sísè, ẹ ra ọ̀fio tàbí àgbọn. Bí àkókò àgbálùmọ̀ bá dé, ẹ jẹ àgbálùmọ̀. N kò ní kí ẹ má fẹnu kan páfù-páfù mọ́ láyé. Ẹ má kàn fi í ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Ẹ̀yin àgbà kíláàsì, ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fún ni lágbára, tí ẹ ń mu láti fi kàwé mọ́jú, kaféènì àti ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ẹ ka ara agolo yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn pé kò yẹ ọmọdé. Oorun tí ẹ lé lọ lóru yóò padà wá bá yín ní kíláàsì. Omi ni kí ẹ máa mu. Ẹ̀yin obìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù, ẹ fetí sílẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ ń gbé èròjà irin lọ, àìtó rẹ̀ sì ń mú àárẹ̀ wá, kì í jẹ́ kí ọkàn dúró sójú kan. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran tàbí ẹja bó bá wà, kí ẹ sì fi ọsàn tẹ̀ lé e, torí ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ẹ má mu tíì pọ̀ mọ́ oúnjẹ náà, ó ń dí irin lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀, Ọlọ́run yóò gbà á. Kí ó rí i pé òun jẹ ẹ̀wà ní sààrì, kí ó sì mu omi dáadáa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín yín tí kò jẹun torí pé kò sí. Ẹ̀yin ni mo torí rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má nawọ́ sókè. Àwọn olùkọ́ ti dáwó jọ. Láti òní lọ, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín yóò máa wà ní yàrá sáyẹ́ǹsì láti aago méje títí agogo kíláàsì àkọ́kọ́ yóò fi lù. Kò sí ìwé tí ẹ máa kọ orúkọ sí, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi yín léèrè. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ igi máńgòrò, ni kí ẹ gbà wọlé. Mọ́ínmọ́ín ti òní ṣì gbóná. Ọ̀gá àgbà ti fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo tó lù, ẹ máa lọ.